Fídíò Ti Ṣeé Wò, Ẹ̀dà Tó Mọ́ Gaara Kò Tíì Dé

Ẹ jẹ́ ká mú olóòtú fíìmù kan tó ti kéde pé fíìmù òun tuntun yóò jáde lórí YouTube ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Aago márùn-ún kọjá kó tó parí gbígbé e sókè. Nígbà tí aago mẹ́fà ń lù, ó tẹ fíìmù náà wò, ó rí i pé ó ń lọ geere, ló bá ṣí i fún aráyé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn òǹwòran fi ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàìbàì làwọn ń rí ojú òṣèré, pé àwọn ò rí orúkọ tó ń kọjá kà. Ẹni tó gé fíìmù náà ni olóòtú kọ́kọ́ pè láti bínú sí. Bẹ́ẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé YouTube kì í fi fáìlì tí a fi ránṣẹ́ gan-an han òǹwòran. Inú fáìlì yẹn ló ti máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀dà jáde, kí ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára lè rí èyí tó fúyẹ́ wò, kí ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá náà sì rí tirẹ̀. Àwọn ẹ̀dà kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ parí. Bí wọ́n bá ti wà nílẹ̀, fídíò ti ṣeé wò nìyẹn, àmọ́ iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí àwọn tó mọ́ jù wọ́n lọ.

Ìṣirò díẹ̀ yóò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wa. Àwòrán 360p jẹ́ tóótòòtó àwọ̀ 640 ní ìbú àti 360 ní òró. Ti 1080p jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Ìyẹn ni pé ibi tí 360p bá fi tóótòòtó kan ṣoṣo sí, mẹ́sàn-án ni 1080p ń kó síbẹ̀. Ti 4K tún jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080p. Gbogbo àwòrán inú fíìmù wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá kan lásán lè ní àwòrán 30 nínú. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé fídíò 4K oníwákàtí kan, tó ní àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, lè gbà tó wákàtí mẹ́rin kí ẹ̀dà tó ga jù tó parí. Bó bá jẹ́ 60 ni, yóò tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé kò tíì parí? Tẹ àmì tó dà bí eyín ẹ̀rọ lójú fídíò náà, kí o wá tẹ `Quality`. Lórí fóònù, `Advanced` ló máa ń fi gbogbo ìwọ̀n hàn. Bó bá jẹ́ 360p ni ìwọ̀n ibẹ̀ parí sí, nígbà tó o mọ̀ pé 1080p lo gbé sókè, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí 1080p bá ti wà níbẹ̀, àmọ́ tí ojú ṣì ń ṣú, ẹjọ́ kúrò lọ́dọ̀ YouTube: `Auto` ló ń mú ìwọ̀n kékeré nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń wò ó, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú 1080p kó sì wò ó bóyá yóò gbé e. Ẹni tó ti ṣí fídíò náà sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú pípẹ́ náà gbọ́dọ̀ tì í kó tún un ṣí, torí àwọn ìwọ̀n tó bá nígbà tó wọlé ló ṣì máa wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó burú jù tí olóòtú wa lè ṣe ni kó pa fídíò náà rẹ́ kó tún un gbé sókè. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ìtìjú kò ṣeé mú mọ́ra. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò padà sí, líǹkì tuntun ni yóò sì ní: èyí tó ti pín lórí Wáàsáàpù ti di òkú, iye àwọn tó ti wò ó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i náà ti lọ. Kí ó tètè gbé e sókè láti òru Ọjọ́bọ̀ ni ìbá dára, kó fi í sí `Private`, kó sì lo `Schedule` láti yan aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ̀dà tó mọ́ ṣe ń jáde, kò sí òǹwòran kankan tó máa mọ̀.

Fídíò mìíràn wà tí ìdúró ò lè ṣe nǹkankan fún. Bí fáìlì tó gbé sókè bá jẹ́ 720p, ojúlówó 1080p kò ní yọjú láé, ì báà dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹni tó gé fíìmù bá sì fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán lórí Wáàsáàpù, ó ti fún mọ́ra lójú ọ̀nà kó tó dé ọwọ́ olóòtú. Kí olóòtú yẹ ìwọ̀n fáìlì ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó gbé e sókè. Bí kò bá tó 1920 ní ìbú, kó padà lọ gba ojúlówó rẹ̀ sínú fíláàṣì.