Àforíjì Tí Kò Sí Ẹlẹ́ṣẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ní Nàìjíríà, CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sórí àwọn kọ̀ǹpútà Windows àwọn oníbàárà rẹ̀. Fáìlì náà lábùkù. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà á, ojú rẹ̀ á di búlúù, á kú, á tún ara rẹ̀ tàn, á tún kú. Kò pé wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́: Microsoft ṣírò pé ó ti ba nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí George Kurtz, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, gbé jáde lórí X kò gùn. Ó ní àwọn ń bá àwọn oníbàárà tí àbùkù kan kàn ṣiṣẹ́, àbùkù tí wọ́n rí nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ó ní Mac àti Linux kò sí nínú rẹ̀, kì í ṣe ìkọlù, wọ́n ti mọ ohun tó fà á, wọ́n sì ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Kò sì sí “ẹ má bínú” níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló sábà máa ń bí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Agbẹjọ́rò mọ̀ pé ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lónìí, wọ́n lè kà á sí i létí níwájú adájọ́ lọ́la. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe lásán; ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta gbé CrowdStrike lọ sí kóòtù ní ìpínlẹ̀ Georgia. Síbẹ̀, òfin àwọn ibòmíràn fi ọ̀nà sílẹ̀. Ní England, òfin ọdún 2006 kan sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹnìkan ti gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà kọ yóò kọ́kọ́ wá ẹni tó ṣe nǹkan. “Àbùkù tí a rí” dà bí ohun tí ẹnìkan ṣèèṣì kọsẹ̀ lé lójú ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ló ṣe fáìlì ọ̀hún, òun náà ló fi ránṣẹ́.

Ibi tó le jù ni “a ti fi àtúnṣe ránṣẹ́”. Òótọ́ ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń kú kó tó tàn tán, báwo ni yóò ṣe gba àtúnṣe? Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnìkan ní láti jókòó tì í, kó tan án lọ́nà àkànṣe tí Windows ń pè ní Safe Mode, kó wá pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá `C-00000291*.sys` mu rẹ́. Bí BitLocker bá ti ti dísíìkì náà pa, yóò tún kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà 48 sí i. Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀, tó wá kà pé wọ́n ti tún un ṣe, ìbínú rẹ̀ á lé sí i ni. Àtúnkọ náà lè lọ báyìí:

“Fáìlì tí àwa CrowdStrike fi ránṣẹ́ ní ìdájí òní ló pa kọ̀ǹpútà Windows yín. Ọwọ́ wa ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó kọlù yín. A ti yọ fáìlì náà, kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò ní gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó ti kú ni ẹ máa fọwọ́ tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ó sì ṣe ṣe é wà nísàlẹ̀. A mọ̀ pé ó lè gbà yín ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. A kò tíì mọ bí fáìlì náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò wa. Bí a bá mọ̀, a ó sọ fún yín.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní kí agbẹjọ́rò lọ sùn. Kò pe ẹnikẹ́ni ní aláìbìkítà, kò ṣèlérí owó, kò sì méfò ìdí tí wọn kò tíì wádìí. “Kò tíì mọ̀” pọn dandan, nítorí ọjọ́ karùn-ún ni CrowdStrike tó kéde pé ètò tó ń yẹ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò gan-an ló lábùkù. Ọ̀rọ̀ Mac àti Linux lè lọ sísàlẹ̀, torí kò wúlò fún ẹni tí Windows rẹ̀ ti kú.

Kurtz padà tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà gan-an, lórí tẹlifíṣọ̀n NBC àti nínú lẹ́tà sí àwọn oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ náà fi káàdì oúnjẹ Uber Eats dọ́là 10 ránṣẹ́ sí àwọn alábàáṣiṣẹ́ tó bá a tún kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà ṣe. Àwọn kan lára wọn kò rí i ná, torí èrò tó fẹ́ lò ó pọ̀ débi pé Uber rò pé jìbìtì ni.