Kí Ife Tó Dókè: Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Bí wọ́n bá ti gé kéèkì tán, tí ọkọ àti ìyàwó ti fi í sí ara wọn lẹ́nu, tí ayàwòrán ti ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, atọ́kùn ètò á gba makirofóònù, á ní: "Ó kan ọ̀rẹ́ ọkọ. Tóòsì!" Àwọn tó ń pín ìrẹsì ò ní dúró. Onílù ṣì ń tẹ awọ wò. Àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ gèlè wọn bọ́ sáàárín ìjókòó ni. Láàárín ariwo yìí ni ènìyàn á ti dìde, tòun ti ife lọ́wọ́, láti sọ ohun tó mọ̀ nípa ẹni tí wọ́n ti jọ ń bọ̀ láti ogún ọdún. Ìṣẹ́jú méjì ló ní. Bó bá di mẹ́ta, wọ́n ṣì lè fara dà á. Bó bá di márùn-ún, kálukú á ti padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Àṣà gbígbé ife sókè yìí, láti òkè òkun ló ti bá ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Orúkọ rẹ̀ gan-an, búrẹ́dì yíyan ni. Àwọn ará England àtijọ́ máa ń ki búrẹ́dì yíyan bọ inú wáìnì kó lè ládùn, nígbà tó sì yá, orúkọ búrẹ́dì di orúkọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó mu ún. Ṣùgbọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Lọ́jọ́ ìdána, bí àgbà bá di ìgò ṣìnáàpù mú, kì í ṣí i láìsọ nǹkan. Oyin, iyọ̀, obì, atare, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àdúrà tó ń ti ara rẹ̀ jáde. Oyin dùn, ayé tọkọtaya náà á dùn. Obì ló ń bi ikú dànù. Atare kún fún ọmọ nínú, ilé wọn á kún. Àdúrà tiwa kì í ṣàdédé já bọ́ látòkè. Nǹkan tí gbogbo wa ń fojú rí, tí a sì ti fi ẹnu tọ́ wò, ló ń bí i.

Ohun tí mo rò nípa tóòsì kò ju èyí lọ: ìtàn tí o bá sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ ni oyin tìrẹ. Inú rẹ̀ ni àdúrà rẹ gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọ̀pọ̀ tóòsì tí kì í wọ ènìyàn lára, kì í ṣe pé ẹni tó sọ ọ́ ò nífẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ ìtàn kan, ó wá fi àdúrà tó wà lẹ́nu gbogbo ayé parí rẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ ara wọn rí.

Ọ̀nà tó le ni mo gbà mọ̀ ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, mo sọ ìtàn bí a ṣe gba ojú fèrèsé sá fún onílé nígbà tí owó yàrá ò tíì pé. Àwa tí a jọ lọ sílé ìwé rẹ́rìn-ín títí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣíjú wo tábìlì àwọn ẹbí, mo rí bàbá ìyàwó tó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ń sá fún onílé ni. Ó dùn mí wọra, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi yẹn ló san gbogbo owó náà kí oṣù tó parí, tó san tèmi pẹ̀lú, èmi ni mi ò sì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ mú ìtàn, mo máa ń bi ara mi pé: nínú ìtàn yìí, ta ni ojú ń tì? Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, mo fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pani lẹ́rìn-ín tó. Ìdajì àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn kò mọ̀ ọ́n rí, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ni wọ́n á mú lọ sílé. Èyí tó dára jù ni ìtàn tí èmi fúnra mi ti ṣaláìní, tí ọ̀rẹ́ mi sì ṣe nǹkan kékeré kan tí kò rò pé ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí ó kan ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ láti gbéyàwó, ìtàn márùn-ún ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Mo fa igi lé ti ìdánwò àṣekágbá, torí pé àwa mẹ́ta péré ló lè yé. Mo yọ ti ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, èyí ò tiẹ̀ yẹ kó dé inú ìwé. Méjì mìíràn jẹ́ ìyìn lásán: ó gbọ́n, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Alága àpèjẹ á sọ ìyẹn. Ìkan ló kù, òun sì ni mo sọ, báyìí:

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo tọrọ àyè. Èmi ni ọ̀rẹ́ ọkọ, láti ilé ẹ̀kọ́ girama la ti jọ ń bọ̀.

"Lọ́dún tí bàbá mi ṣàìsàn, alẹ́ mẹ́ta ni mo sùn sílé ìwòsàn. Mi ò pe ọ̀rẹ́ mi. Ó kàn dé ni, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fún un ní 3,000 náírà, mo ní kó lọ ra oúnjẹ àwa méjèèjì wá. Abọ́ ìrẹsì kan ló gbé dé. Mo ní, tìrẹ ńkọ́? Ó ní òun ti jẹ tòun lọ́hùn-ún. Ó kó ṣéńjì fún mi, mo jù ú sápò. Nígbà tí mo fẹ́ ra oògùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó kà á. Abọ́ kan, 1,200 náírà. Ṣéńjì ọwọ́ mi, 1,800 náírà. Ọ̀rẹ́ mi ò jẹun. Ó mọ̀ pé a máa nílò owó náà tílẹ̀ bá mọ́.

"Ìyàwó wa, bó bá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé òun ti jẹun, ẹ ka ṣéńjì ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ ti mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá yín nílé, ó ní ebi ò pa òun. Ẹ ò bá a jiyàn. Ẹ bu oúnjẹ fún un, ẹ jókòó tì í títí abọ́ fi mọ́. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé ọ̀rẹ́ mi ti rí ẹni tó ń ka ṣéńjì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ gbé ife yín. Oúnjẹ ò ní wọ́n nílé yín. Lọ́jọ́ tó bá sì kù díẹ̀ káàtó, ẹ ò ní fi ebi pamọ́ fún ara yín. Ọkọ àti ìyàwó!"

Nígbà tí mo fi fóònù wọn àkókò rẹ̀ nílé, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo fi àyè ẹ̀rín àti àmín kún un.

Mo kọ iye owó náà sínú rẹ̀ nítorí pé òun ló gbé ìtàn náà dúró. Bí mo bá ní "ó fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí mi," ìyìn ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní 1,200, tí mo tún ní 1,800, àwọn ìyá tó ń ná ọjà lójoojúmọ́ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìjókòó kí n tó sọ èsì. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní "háà!" kí n tó sọ pé kò jẹun. Nǹkan tí ènìyàn fúnra rẹ̀ bá kà ló máa ń gbà gbọ́.

Ti ìyàwó ló ṣòro jù. Ọ̀rẹ́ ọkọ máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ títí, á wá fi "ìyàwó wa arẹwà" parí rẹ̀, bí ẹni tó rántí iyọ̀ lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti kúrò lórí iná. Ohun tó o bá fojú ara rẹ rí i tó ṣe ni kó o sọ, kì í ṣe ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún ọ. Kó sì dáhùn ìtàn ti ọkọ. Nínú ìtàn mi, ọ̀kan ń fi ebi pamọ́, èkejì ò gbà kó fi í pamọ́. Bí mi ò bá rí irú èyí, mi ò bá wá ìtàn mìíràn.

Nípa àdúrà ọmọ: "ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní" dára, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ló bá mu jù. Wọ́n á ti ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá kí makirofóònù tó kan ọ. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì lè mọ ohun tí dókítà ti sọ fún tọkọtaya náà, tí gbọ̀ngàn ò mọ̀. Mo ti jókòó nítòsí ìyàwó kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ ń kà oṣù mẹ́sàn-án sí lórí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ká ẹ̀gbẹ́ aṣọ tábìlì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù máa ń ṣẹlẹ̀ kí o tó dìde. Bá atọ́kùn ètò sọ ọ́ pé kó rí i dájú pé nǹkan wà nínú ife àwọn tó wà ní tábìlì iwájú. Mo ti rí ibi tí alága ti gbé ife òfìfo sókè, tí ó sì ń wo inú rẹ̀. Nílé Mùsùlùmí, tàbí níbi tí ìjọ wọn kì í ti í mu ọtí, júùsì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí wọ́n bù. Bẹ onílù kó dákẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí o ti bẹ̀rẹ̀. Gbé makirofóònù sí iwájú ẹnu, kó má lọ sílẹ̀ sí àyà nígbà tí ojú rẹ bá wà lára ìwé. Ife sì ńkọ́? Fi í sílẹ̀ lórí tábìlì títí di ìgbà tí o bá dé ibi àdúrà. Bó bá ti wà lókè látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan á ti mu tiwọn kí ìtàn tó dé ìdajì.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jókòó padà, tí onílù ti gbé orin, mo wo tábìlì tọkọtaya. Àwo ìrẹsì méjì wà níwájú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ìyàwó ti ọ̀kan sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi ṣíbí lé e lórí, ó sì yíjú sí i, ó ń dúró.