Mítà Sọ Òótọ́, Kọ̀ǹpútà Kà Á Sódì

Ojú mítà ń fi 230.4 fólítì hàn. Kọ̀ǹpútà tó ń ka mítà kan náà lórí wáyà Ítánẹ́ẹ̀tì ní fólítì náà lé ní 270,000,000,000,000,000,000,000. Bí iná bá wá dúró sórí 230 géérégé, ó di òdo lójú kọ̀ǹpútà. Mítà kò bàjẹ́, wáyà kò sì já.

Ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Módíkọ́nù gbé ìlànà Módíbọ́ọ̀sì jáde. Nínú rẹ̀, inú àwọn rẹ́jísítà ni ẹ̀rọ ń kó ohun tó bá wọ̀n sí. Báìtì méjì péré ni rẹ́jísítà kan ń gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì ń fẹ́ mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ìwé mítà SDM630 fi to féèsì kìíní sí 30001, ìkejì sí 30003, ìkẹta sí 30005. Lórí wáyà, òdo ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀: 30001 di 0. RS485 ni mítà yìí ń sọ, nítorí náà ẹ̀rọ agbedeméjì ló ń gbé e bọ́ sórí Ítánẹ́ẹ̀tì, ní pọ́ọ̀tù 502.

Ìbéèrè ló ṣáájú, èsì tẹ̀ lé e:

```
00 01 00 00 00 06 01 04 00 00 00 02
00 01 00 00 00 07 01 04 04 43 66 66 66
```

Báìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni 230.4.

Ìlànà náà sọ pé báìtì ńlá ni kó ṣáájú nínú rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan. Kò sọ èwo ni kó ṣáájú nínú rẹ́jísítà méjì tó so pọ̀, kálukú ilé-iṣẹ́ sì ń ṣe tirẹ̀. Orí nọ́ńbà ni SDM630 ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ìrù ló ń bọ̀ ṣáájú, á to 43 66 66 66 di 66 66 43 66. Iwájú ni IEEE 754 ń fi bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó sí, nítorí náà ìrù tó bọ́ síwájú sọ ọ́ di òkè ńlá. Ti 230 géérégé jẹ́ 43 66 00 00. Bí òdo bá ṣáájú, ohun tó kù kéré débi pé òdo nìkan ló máa hàn.

Àṣìṣe mìíràn jọ ọ́ bí ìbejì. Bí ẹnjiníà bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 dípò 0, ìrù féèsì kìíní àti orí ìkejì ni yóò gbà: 66 66 43 66 náà ni, bí fólítì féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba. Bó bá wá pààrọ̀ ètò rẹ́jísítà, féèsì kìíní àti ìkejì á ka 230.4, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Féèsì kẹta ló máa tú àṣírí. Kọ́rẹ́ǹtì féèsì kìíní ló tẹ̀ lé e ní 30007. Bí ó bá jẹ́ 5 ámípì, orí rẹ̀, 40 A0, á so mọ́ ìrù fólítì, kọ̀ǹpútà á sì ní féèsì kẹta jẹ́ fólítì 5.0125. Ẹni tó bá rí èyí kó dá ètò rẹ́jísítà padà bó ṣe wà, kó sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 0.