Àwọn Ọlọ́jọ́-Márùn-ún

Ní oṣù kẹta ọdún 1913, òṣìṣẹ́ tó lé ní 7,300 ló kúrò ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó wà ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù kan ṣoṣo o. Nígbà tí wọ́n pín àwọn tó lọ náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n rí i pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni iléeṣẹ́ lé, ìdá 11 sì ló wá sọ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìdá 71 tó kù ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún léra láìsí àlàyé, ni wọ́n bá yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé. “Ọlọ́jọ́-márùn-ún” ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Lára àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ohun méjì ti pàdé, èyí tí ẹni tó bá ń bójú tó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wọ̀n: ìfiṣẹ́sílẹ̀ àti ìpaṣẹ́jẹ.

Ìṣirò ìfiṣẹ́sílẹ̀ ò le. A ó ka iye èèyàn tó kúrò láàárín ọdún, a ó fi iye òṣìṣẹ́ tó sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà pín in, a ó sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ní gbogbo ọdún 1913, èèyàn tó lé ní 50,000 ló kúrò ní Highland Park, bẹ́ẹ̀ iye tó ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ò ju nǹkan bí 13,600 lọ. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 370 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé àṣìṣe ni, torí báwo ni ìdá ṣe máa ju ọgọ́rùn-ún lọ? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, tí a bá pín in dọ́gba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni mẹ́rin tí wọ́n ní láti wá lọ́dún náà láti fi dí àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ìpaṣẹ́jẹ, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í wá lójúmọ́. Ìyẹn lé ní 1,300 èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn dúró sí àyè wọn láràárọ̀, torí ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá níwájú òṣìṣẹ́ tí kálukú á máa de ìdè tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan ò bá sí lójú iṣẹ́, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa dúró.

Kí ló ń lé wọn lọ? Iṣẹ́ náà ti di ohun kan ṣoṣo tí èèyàn á máa ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì ju nǹkan bí dọ́là méjì àti sẹ́ńtì 34 lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án. Ọ̀gá kékeré lè lé ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó bá sì kúrò ò pàdánù nǹkan kan, torí iṣẹ́ tí ọwọ́ ń mọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni, irú owó bẹ́ẹ̀ sì wà níbòmíràn ní Detroit.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, wọ́n gba agbára ìlénilọ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kékeré, wọ́n sì tún ètò owó ọ̀yà ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1914, wọ́n kéde dọ́là márùn-ún fún wákàtí mẹ́jọ, fún ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà tí ìwà rẹ̀ sì tẹ́ àwọn aṣojú iléeṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn aṣojú yìí a máa wọlé òṣìṣẹ́ lọ wo bó ṣe ń gbé, èyí tí ẹlòmíràn lè sọ pé ó ti di àṣejù. Ìfiṣẹ́sílẹ̀ já wálẹ̀ láti 370 sí 54 lọ́dún 1914, ó sì di 16 lọ́dún 1915. Ìpaṣẹ́jẹ bọ́ sí nǹkan bí ìdá méjì ààbọ̀.

Dọ́là márùn-ún ni gbogbo ayé ń rántí. Àmọ́ iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1914, ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ò sì ní fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò kan ṣoṣo ò sì lè sọ ipa tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó. Ìyẹn ló fi yẹ kí èèyàn tú ìdá náà palẹ̀ kó tó náwó lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà n'Íbàdàn, tó ní òṣìṣẹ́ 40 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, tó sì ní 44 nígbà tí ọdún parí. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀ tí a pín in sí méjì, 42 la máa rí. Èèyàn 21 ló kúrò láàárín ọdún. 21 tí a fi 42 pín, tí a fi 100 sọ di púpọ̀, á fún wa ní 50. Ìdajì! Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀gá ni pé owó oṣù ò tó, kí òun fi kún ti gbogbo wọn.

Kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kó ṣí ìwé orúkọ, kó wo àwọn 40 tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó rí i pé 36 ṣì wà níbẹ̀. Mẹ́rin péré ló lọ nínú wọn. Àwọn tuntun tí wọ́n gbà láàárín ọdún jẹ́ 25, 17 nínú wọn ló sì ti lọ. Ìdá 50 tó ń dẹ́rù bà á yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ilé rárá: àwọn àgbà iṣẹ́ ti fìdí kalẹ̀, àwọn tuntun ni ò dúró. Ó tún wo ọjọ́ tí àwọn 17 yìí kúrò àti apá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́kànlá ló jẹ́ ti ìdí ààrò lóru, wọn ò sì lo oṣù mẹ́ta tán.

Ìgbà yìí ni ìbéèrè wá ní ibi tó ń lọ. Ó pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n sì sọ ohun tí ìwé ò lè sọ fún un. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń parí, kò sí mọ́tò lójú pópó, ọlọ́kadà tó bá sì wà á pe owó mẹ́ta. Ẹlòmíràn ti pàdé àwọn jàǹdùkú lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà iṣẹ́ ti gbọ́n, àárín àwọn àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń sùn dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn tuntun ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè.

Ọ̀gá ṣírò owó. Ká ní ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá lọ ń kó 60,000 náírà dání, tí a bá ka owó ọ̀sẹ̀ tó fi kọ́ṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ àti búrẹ́dì tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Mọ́kànlá jẹ́ 660,000. Bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé wọn lọ sílé lóru á gba 70,000 lóṣù, ìyẹn 840,000 lọ́dún. Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ dúró, bọ́ọ̀sì ò pa owó ara rẹ̀ wọlé. Àmọ́ yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó páànù àlòkù sí. Ẹní, fáànù àti kọ́kọ́rọ́ tó dáa ò ní ju 150,000 lọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì máa ná an. Ìdá tó kọ́kọ́ ń sọ pé kó fi kún owó gbogbo ilé ti wá di ọ̀rọ̀ ẹní àti fáànù.

Ti ìpaṣẹ́jẹ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn wá iṣẹ́ la ń kà; ìsinmi ọdọọdún àti ọlidé ìjọba ò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ 42 tó yẹ kó wá fún ọjọ́ 26 lóṣù kan jẹ́ ọjọ́ 1,092. Bí 76 bá pòórá nínú rẹ̀, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni. Tí wọ́n bá tú u sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, 34 nínú 76 yẹn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, bẹ́ẹ̀ Sátidé mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 168 péré. Ìdá 20 nìyẹn! Àwọn ọjọ́ tó kù ò pé ìdá márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Yorùbá ò ní béèrè ibi tí wọ́n lọ: aṣọ ẹbí ti wà nílé, òde ń pè. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ò lè borí òde. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni pé kí kálukú ní Sátidé kan lóṣù tó jẹ́ tirẹ̀, tí yóò ti sọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lo ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Bradford. Iye ìgbà tí èèyàn pa iṣẹ́ jẹ ni wọ́n máa ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí wọ́n tó wá fi iye ọjọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ, tó dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní 10. Ẹni tó pa ọjọ́ méjì méjì jẹ nígbà márùn-ún á ní 250, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́wàá náà ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí àìwá òjijì ló ń da iṣẹ́ rú jù. Àmọ́ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń ṣàìsàn ọjọ́ méjì, á wá, á tún dùbúlẹ̀. 250 ni tirẹ̀ náà máa jẹ́, bíi ti ẹni tó ń lọ òde. Ìdí rèé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ ìdí àìwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ rẹ̀ nínú ìwé, kó sì jẹ́ pé ìbéèrè ló máa ṣáájú ìyà.

Ohun kan kù tí àwọn ọlọ́jọ́-márùn-ún fi hàn. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì yẹn gbé orúkọ àwọn 17 tó lọ, ó wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn wọn nínú ìwé wíwá. Méjìlá ti pa iṣẹ́ jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má baà tan ara rẹ̀, ó wo àwọn tuntun mẹ́jọ tí wọ́n dúró, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bákan náà: ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, bí ẹni tuntun bá ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kejì, màmá tó ń bójú tó ìdí ààrò á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ tó bá padà dé, kò ní mú ìwé lọ́wọ́, á bi í léèrè bó ṣe ń délé.