Afẹ́fẹ́ Inú Ẹrù Náà Ń San Owó Ọkọ̀

Oníṣòwò tó bá ra ọjà ní Guangzhou, tí ọjà náà kò pọ̀ tó ohun tí yóò torí rẹ̀ dá gba kọ̀ńténà, inú kọ̀ńténà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò ni ẹrù rẹ̀ yóò bá dé Àpápá. Àyè ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kúbíìkì mítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àyè tí àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan máa gbà. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 ní nǹkan bíi 33 irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá jẹ́ oríṣiríṣi, 25 sí 28 ló sábà máa ń wọlé. Àlàfo ló jẹ ìyókù, àwọn tó ni ọkọ̀ kì í sì í fẹ́ ru àlàfo lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹrù bí ẹni pé inú àpótí ló wà. Ibi tó gùn jù, ibi tó fẹ̀ jù àti ibi tó ga jù ni téèpù máa ń dé, ìbáà jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ ìdìmú kan ṣoṣo ló yọ síta. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn ọ́n, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí ẹ sì fi 1,000,000 pín in.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù obìnrin oníṣòwò kan. Páálí bàtà rẹ̀ jẹ́ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 × 50 × 40, ìyẹn 0.12. Gbogbo wọn jẹ́ 1.2. Ó ní kápẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n ká, wọ́n gùn ní 200, wọ́n sì nípọn ní 30. Ohun roboto ni, ṣùgbọ́n 200 × 30 × 30 ni wọ́n máa kọ, nítorí igun mẹ́rin tó ṣófo yí i ká kò ṣeé fi ohun ńlá sí. Ọ̀kan jẹ́ 0.18, méjèèjì jẹ́ 0.36. Àga kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé ká, 90 × 60 × 110, ó jẹ́ 0.594. Ẹ̀rọ ìlọta kan jẹ́ 70 × 50 × 60, ìyẹn 0.21.

Àpò aṣọ ló kù, ibẹ̀ sì ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rà á, ó wọ̀n ọ́n sí 70 × 50 × 40, ó rí 0.14. Nígbà tó dé ilé ìkẹ́rùsí, àpò náà ti wú níkùn, téèpù sì sọ pé 80 × 60 × 50, ó di 0.24. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹyìn tí wọ́n bá di ẹrù tán, tí ó sì ti jókòó sílẹ̀, ni kí èèyàn tó wọ̀n ọ́n, kí ó sì ya fọ́tò téèpù lára rẹ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.604. Ká ní àga náà ṣeé tú, tí gíga rẹ̀ bá wálẹ̀ sí 45, yóò di 0.243. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú sípánà ti gba 0.351 là.

Ìwúwo náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000, dúró fún kúbíìkì mítà kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Ẹrù obìnrin yìí wúwo ní kílò 460, ìyẹn 0.46, nítorí náà 2.604 ló máa san. Ṣùgbọ́n ká ní ó tún ra táìlì, inú àpótí onípákó tó jẹ́ 120 × 80 × 75. Àyè rẹ̀ kò ju 0.72 lọ, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ kílò 1,400. Tó bá lọ lórí ìwé ẹrù tirẹ̀, 1.4 ni wọ́n máa gba owó rẹ̀, àpapọ̀ yóò sì di 4.004. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà lórí ìwé ẹrù kan ṣoṣo, àyè jẹ́ 3.324, ìwúwo jẹ́ 1.86, ó máa san 3.324. Bàtà àti àga tó fúyẹ́ ti bá táìlì gbé ìwúwo rẹ̀.

Èmi ka èyí sí ohun tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò béèrè kó tó sanwó: ṣé ẹ máa da ẹrù mi pọ̀ wọ̀n ni, àbí ẹ máa yọ èyí tó wúwo sọ́tọ̀? Àwọn ẹ́jẹ́ǹtì kan máa ń yà á. Kí ó tún béèrè iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, nítorí ọ̀pọ̀ kì í gba ohun tó dín sí kúbíìkì mítà kan, ẹni tó gbé 0.4 wá yóò san 1. Tí ẹrù kan bá sì jẹ́ èyí tí wọn kò lè to nǹkan lé lórí, wọ́n lè ka gbogbo àyè tó wà lókè rẹ̀ mọ́ ọn. Àga tó nà ẹsẹ̀ sókè yẹn lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹrù tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo wọn.