Ìràwọ̀ Kan Lórí Àdìrẹ: Bí Oníṣòwò Ṣe Ń Fèsì Níwájú Gbogbo Ayé

Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin kan wà ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ta àdìrẹ lórí Etsy. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán ọjà rẹ̀ nìyí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ la fi ya á, èlú la fi pa á láró, yáàdì márùn-ún, £85." Obìnrin mìíràn ní Manchester rà á láti fi dá aṣọ fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Nígbà tí aṣọ dé, ó tú u, ó yí i pa dà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, inú sì bí i. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún ló fún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Irọ́ ni wọ́n pa. Ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ yìí, kì í ṣe àdìrẹ. Ẹ má rà á."

Bí irú èyí bá ká oníṣòwò mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fèsì. Èsì wọn sì máa ń jọra: "Ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà wa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ta aṣọ, ẹnikẹ́ni kò ráhùn rí. Ṣé kò yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bà wá lórúkọ jẹ́?" Ẹ tún un kà. Kò síbi tó ti sọ bóyá ọwọ́ ló ya aṣọ náà tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́la, tó ń ka ẹ̀sùn àti èsì lórí fóònù rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ohun kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́ mọ̀. Bí kò bá rí i kà, yóò gbà pé òótọ́ ni obìnrin Manchester sọ, yóò sì lọ síbòmíràn. Torí ẹni yìí gan-an la ṣe ń kọ èsì ìta gbangba. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn wá, a lè bá òun sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Nítorí náà, kó tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, ìyá Peckham yìí ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀sùn náà jóòótọ́. Èyí kò ṣòro. Kó mú aṣọ kan jáde nínú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì dà á bolẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ẹ̀yìn aṣọ ni kó kọ́kọ́ wò. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n ń sè di ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí páànù tí wọ́n gé àwòrán sí tẹ́ sójú kan aṣọ náà. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọ́n á ri gbogbo aṣọ náà bọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Níwọ̀n bí gbogbo aṣọ ti wọ inú aró, ẹ̀yìn rẹ̀ náà á dúdú dáadáa. Àwòrán lè má hàn níbẹ̀ tó bó ṣe hàn lójú, nítorí ojú kan ni ẹ̀kọ wà. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi aró sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kàn ń gba díẹ̀díẹ̀ tó bá jò wọlé ni, nítorí náà yóò ràn ju ojú lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé àdìrẹ tòótọ́ gbọ́dọ̀ rí bákan náà lójú àti lẹ́yìn. Ti ẹlẹ́kọ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìdánwò yẹn da ọjà nù lè ti da ojúlówó nù.

Lẹ́yìn náà, kó wá àléébù kan, bóyá ibi tí àwọ̀ ti kán sílẹ̀ tàbí ibi tí ìlà ti wọ́. Kó fi rúlà wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ síwájú. Bí àléébù yẹn gan-an bá tún jáde ní ibi kan, tó sì tún jáde ní ìwọ̀n kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán: ẹ̀rọ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìyá aláró kò lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìwọ̀n rúlà. Páànù gígé lè mú kí àwòrán jọra, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ ṣe ta sí ẹ̀gbẹ́ kò ní jọra láéláé.

Ti èlú ló le díẹ̀. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí aró òyìnbó àti sódà ti wọ ọwọ́ àwọn aláró Abẹ́òkúta, ohun tó sì ń mú èlú dúdú náà ni wọ́n ń fi ọgbọ́n kẹ́mísírì pò. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àwọ̀ bá ń ràn mọ́ ọwọ́, kò fi hàn pé èlú ni, kò sì fi hàn pé kì í ṣe èlú. Ẹni tó pa aṣọ láró nìkan ló lè sọ, bí oníṣòwò kò bá sì bi í, kò yẹ kó kọ "èlú" sábẹ́ ọjà rárá.

Ká ní ìyá yìí yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́kọ tó rà ní Ìtòkú lọ́dún tó kọjá, tó yà ní fọ́tò, ti tà tán. Ẹrù tuntun wá láti ọwọ́ alágbàtà kan, ó gbé e sórí àwòrán àtijọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 kò béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀. Ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ bá ohun tó kọ nípa rẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti kọ̀ ọ́ kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Owó tí yóò fi dá ọjà pa dà, ọrùn oníṣòwò ló wà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 14 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tó bá ti gbà pé òun jẹ ẹ́ kí owó tó dé. Kíkọ "àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀" sí ìsàlẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀.

Ibí ni ètò ti ṣe pàtàkì. Lórí Etsy, bí oníṣòwò bá ti fi èsì ìta gbangba síbẹ̀, oníbàárà kò lè tún ohun tó kọ ṣe mọ́. Ẹni tó bá fi ìbínú fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìràwọ̀ kan náà mọ́lẹ̀. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí obìnrin Manchester ní ìkọ̀kọ̀, kó gbà pé òun ṣẹ̀, kó dá owó pa dà, kó sì fún un láàyè ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó ní, "Bí ẹ bá yọ ìràwọ̀ yẹn, màá dá owó yín pa dà." Owó náà ti di ti obìnrin yẹn lábẹ́ òfin, a kì í fi gbèsè tí a jẹ ra ojú rere. Bí obìnrin náà bá sì ya fọ́tò gbólóhùn yẹn tó gbé e síta, ẹ̀sùn kejì á burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kó tó fèsì síta, kó yọ ìpolówó náà kúrò pẹ̀lú. Mo ti rí èsì tó sọ pé "a ti ṣàtúnṣe" nígbà tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kà á kò ṣe ju kó tẹ ojú ìwé ọjà lọ kó tó rí irọ́ náà. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò: àwọn tó ra aṣọ nínú ẹrù kan náà tí wọn kò ráhùn. Wọn kò mọ̀ ni. Wọ́n ti gé aṣọ, wọ́n ti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó, wọ́n sì ń sọ fún ènìyàn pé ẹlẹ́kọ ni. Àwọn náà ni kó kọ̀wé sí.

Ìgbà yẹn ló tó lè kọ èsì bí èyí:

"Ẹ ṣeun mà. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹrù tí mo tà tán ni mo yà ní fọ́tò; mi ò pààrọ̀ fọ́tò nígbà tí ẹrù tuntun dé, mi ò sì yẹ ẹrù náà wò. Mo ti dá £85 yín àti owó ìfiránṣẹ́ pa dà. Mo ti yọ ìpolówó náà kúrò, mo sì ti kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó rà nínú ẹrù yẹn láti dá owó wọn pa dà. Ẹ má bínú."

Gbólóhùn kẹta ni egungun èsì náà, nítorí ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ gan-an tó jẹ́ irọ́. "Ẹ má bínú fún ìdààmú" kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò di ẹ̀bi ru alágbàtà, nítorí kò sí ẹni tó ra aṣọ lọ́wọ́ alágbàtà nínú àwọn tó ń kà á. Kò sì mẹ́nu ba ọjọ́ ìbí ìyá ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà ti sọ ọ́ fún un nínú lẹ́tà. Ohun tí oníbàárà bá sọ ní ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ti ìta.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé ìdajì ẹ̀sùn ló tọ̀nà ńkọ́? Ká ní ọwọ́ ló ya aṣọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aró òyìnbó ni wọ́n lò. Èsì gbọ́dọ̀ pín in sí méjì: "Ọwọ́ ló ya á, ẹ wo fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ojú ìwé ọjà. Ṣùgbọ́n mo kọ pé èlú ni. Mo ti bi aláró, aró òyìnbó ló lò. Mo ṣi yín lọ́nà níbẹ̀, mo sì ti ṣe tán láti gba aṣọ náà kí n dá owó yín pa dà." Ẹni tó bá fi ìdajì tó jàre bo ìdajì tó jẹ̀bi mọ́lẹ̀ ti pàdánù méjèèjì, nítorí òǹkàwé á mọ̀ pé ó yẹra fún nǹkan kan.

Ìràwọ̀ náà lè má kúrò. Bí ènìyàn 39 bá ti fún ṣọ́ọ̀bù náà ní ìràwọ̀ márùn-ún, tí ẹni kan fún un ní ọ̀kan, 4.9 ló kù. Ìyẹn kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ bá oníbàárà jà.

Lọ́jọ́ tí ẹlẹ́kọ gidi bá tún dé láti Ìtòkú, kó ṣí ojú ìwé ọjà tuntun fún un, kó má tún ti àtijọ́ lò. Kó ya ojú aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó ya ibi tí ẹ̀kọ ti ta sí ẹ̀gbẹ́, kó sì kọ irú aró tí aláró sọ fún un síbẹ̀. Bí aláró kò bá sọ, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.