Fáìlì Mẹ́ta, Ogun Kan

Ká ní olùkọ́ ìtàn kan fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama nípa ogun Kírìjì. Fáìlì mẹ́ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: A látinú ìwé, B látẹnu àwọn àgbà Òkè-Ìmẹ̀sí, D láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ ló jọra, àmọ́ kò sí èyí tó pé nínú wọn.

Kó ṣe ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná, kó má fọwọ́ kan ojúlówó. Nínú ẹ̀dà náà, kó gé àkọsílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ìlà kan gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó sì fi A, B tàbí D ṣe àmì síwájú rẹ̀. Àmì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun náà ni wọ́n sì máa ń wá kiri nígbà tí ìlà méjì bá takora.

Kọ̀ǹpútà nìkan kò lè bá a yọ àsọtúnsọ. Àṣẹ `sort -u` máa ń yọ ìlà tó jọra lẹ́tà sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n “Ògèdèǹgbé” àti “Ogedengbe”, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú rẹ̀, ó sì máa ń da ètò ìlà rú. Fáìlì A tún ń sọ “Kírìjì”, B ń sọ “ogun Èkìtìparapọ̀”, D ń sọ “ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún”. Ogun kan náà ni. Ojú èèyàn ló máa kó wọn jọ.

Lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, A sọ pé ó kú ní 1885, B pè é ní olórí ogun Ìbàdàn, D sọ pé ibùdó ogun ló kú sí. Ìlà kan ṣoṣo tó èyí: “Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885.”

Ibi tó le jùlọ ni òpin ogun. A ní 1886, B ní 1893. Ẹni tó bá ń kánjú á pa ọ̀kan rẹ́, yóò sì sọ òótọ́ kan nù. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tú kúrò ní ibùdó. Kí méjèèjì dúró, kí á sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Nígbà tó bá kan ètò, kó fi orúkọ ogun náà ṣáájú, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ogun mẹ́ta ni. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi jẹ ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bí ogun ṣe bẹ́, àwọn aṣáájú, àdéhùn, àti ìtúká.

Kó tó pa ẹ̀dà rẹ́, kó padà sí ojúlówó, kó máa fàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti rí nínú ìwé tuntun. Èyí tí kò bá ní àmì, kó wá ibi tó yẹ ẹ́.